Bí a ṣe ń ṣírò ìpíndọ́gba ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ láti inú HbA1c, àti ìdí tí 7.0 ẹnì kan fi lè yàtọ̀ sí 7.0 ẹlòmíì

Ẹ jẹ́ ká mú ìyá aládìre kan ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun, ẹni ọdún 58, àti bàbá awakọ̀ kan ní Òkè-Baálẹ̀, ẹni ọdún 61. Àpẹẹrẹ ni mo fi wọ́n ṣe, wọn kì í ṣe ẹnì kan pàtó, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ láàbù ní Òṣogbo mọ irú wọn dáadáa. Àtọ̀gbẹ ń bá àwọn méjèèjì fínra. Wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ wọn láàárọ̀ ọjọ́ kan náà, ní láàbù kan náà, lórí ẹ̀rọ kan náà. Nígbà tí ìwé àyẹ̀wò jáde, 7.0% ló wà níwájú HbA1c, àyẹ̀wò tó ń sọ bí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ṣe rí láti nǹkan bí oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, fún ìyá, 7.0% náà ló wà níbẹ̀ fún bàbá. Inú ìyá dùn. Inú bàbá náà ìbá dùn, àmọ́ ìwé kékeré tó ń kọ ṣúgà rẹ̀ sí nílé kò bá ti láàbù mu rárá.

Ohun tí mo fẹ́ fi hàn níbí ni bí èèyàn ṣe lè sọ 7.0% yẹn di irú nọ́ńbà tó ń jáde lójú ẹ̀rọ ìwọn-ṣúgà, bó ṣe lè fi wé èyí tó ń kọ sílẹ̀ nílé, àti ohun tó yẹ kó ṣe bí àwọn méjèèjì kò bá fẹnu kò. Kálámù, ìwé, ẹ̀rọ ìwọn-ṣúgà àti ẹ̀rọ ìṣirò orí fóònù ti tó fún iṣẹ́ náà.

Kí ni wọ́n kà tí wọ́n fi pè é ní 7.0?

Inú sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀ wa ni hẹmoglóbíìnì wà, òun ló ń gbé afẹ́fẹ́ kiri ara. Ṣúgà tó ń ṣàn nínú ẹ̀jẹ̀ máa ń lẹ̀ mọ́ ọn díẹ̀díẹ̀. Kò sí èròjà kan tí ara ń lò láti lẹ̀ ẹ́, fúnra rẹ̀ ló ń lẹ̀, bó bá sì ti lẹ̀ tán, kò ní ṣí kúrò mọ́ títí sẹ́ẹ̀lì yẹn yóò fi kú. Ọjọ́ 120 ni wọ́n sábà máa ń sọ pé sẹ́ẹ̀lì pupa ń lò láyé. Nítorí náà, bí láàbù bá ní 7.0%, ohun tí wọ́n ń sọ ni pé nínú hẹmoglóbíìnì A 100, bíi 7 ni ṣúgà ti lẹ̀ mọ́.

Nǹkan méjì ló ń pinnu nọ́ńbà yìí: bí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ṣe pọ̀ tó, àti bí sẹ́ẹ̀lì náà ṣe pẹ́ tó nínú rẹ̀. Ẹ wo ìyá aládìre wa. Bó bá ki aṣọ méjì bọ inú ìkòkò aró kan náà, tó tètè yọ ọ̀kan, tó jẹ́ kí ìkejì pẹ́, ìkejì ló máa dú jù, bẹ́ẹ̀ aró kan náà ni. Bí aṣọ méjì bá sì dú bákan náà, ìyẹn nìkan kò tó láti sọ pé agbára aró tí wọ́n ti inú rẹ̀ jáde dọ́gba, nítorí ó lè jẹ́ pé aró kan lágbára jù, àmọ́ aṣọ kò pẹ́ nínú rẹ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí bàbá awakọ̀ nìyẹn, a ó sì rí i láìpẹ́.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ wo irú nọ́ńbà tí láàbù kọ

Ọ̀pọ̀ láàbù ní ìlú wa ń kọ ọ́ ní ìdá nínú ọgọ́rùn-ún, bíi 7.0%. Àwọn kan ń kọ `mmol/mol`, nọ́ńbà náà á sì wá tóbi gan-an, bíi 53. Ẹ má jẹ́ kó já yín láyà. Ẹ pín in sí 10.93, kí ẹ fi 2.15 kún èsì rẹ̀. 53 tí a pín sí 10.93 jẹ́ 4.85, bí a bá fi 2.15 kún un, ó di 7.0. Nọ́ńbà kan náà ni, bí wọ́n ṣe kọ ọ́ ló yàtọ̀.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ ṣírò ìpíndọ́gba

Ìlànà ìṣirò tí ayé ń lò wá láti inú ìwádìí kan tí wọ́n ń pè ní ADAG, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2008. Èèyàn 507 ni wọ́n tẹ̀ lé, àwọn kan ní àtọ̀gbẹ, àwọn kan kò ní. Wọ́n wọn ṣúgà wọn léraléra fún nǹkan bí oṣù mẹ́ta, wọ́n wá fi ìpíndọ́gba rẹ̀ wé HbA1c oníkálukú. Èyí ni wọ́n rí:

```
ìpíndọ́gba (mg/dL)  = 28.7 × HbA1c − 46.7
ìpíndọ́gba (mmol/L) = 1.59 × HbA1c − 2.59
```

Ẹ lo ti òkè bí ẹ̀rọ yín nílé bá ń kọ `mg/dL`, ti ìsàlẹ̀ bó bá jẹ́ `mmol/L` ló ń kọ. Ó wà lára ẹ̀rọ náà tàbí lára páálí sítíríìpù rẹ̀.

Fún 7.0: 28.7 lọ́nà 7 jẹ́ 200.9. Ẹ yọ 46.7 kúrò, ó ku 154.2. Nítorí náà, ìpíndọ́gba ṣúgà tí 7.0% ń tọ́ka sí jẹ́ 154 `mg/dL`. Bákan náà, 6.5 ń tọ́ka sí 140, 8.0 ń tọ́ka sí 183, 9.0 ń tọ́ka sí 212. Bí HbA1c bá fi 1 gùn sókè, ìpíndọ́gba náà á fi bíi 29 gùn sókè.

Ọ̀pọ̀ ló máa ń dúró síbí, ibí gan-an sì ni ìṣìnà ti ń bẹ̀rẹ̀. 154 yẹn ni àárín gbùngbùn. Nínú ìwádìí yẹn kan náà, àwọn tí HbA1c wọn jẹ́ 7.0 kò rọ̀ mọ́ 154. Ibi tí wọ́n wà bẹ̀rẹ̀ láti bíi 123 títí dé bíi 185, àwọn díẹ̀ sì tún wà lẹ́yìn odi yẹn. Ẹni tó wà ní 123 fẹ́rẹ̀ẹ́ dà bí ẹni tí ìlànà ìṣirò máa fún ní 6. Ẹni tó wà ní 185 dà bí ẹni 8. Ìwé àyẹ̀wò kan náà ni àwọn méjèèjì sì gbé délé.

Ohun kan tún wà tó kan àwa gan-an. Wọn ò gba ẹni tó ní àìtó ẹ̀jẹ̀, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ẹ̀jẹ̀ sára, tàbí ẹni tí hẹmoglóbíìnì rẹ̀ yàtọ̀ sí AA wọnú ìwádìí náà. Ó bọ́gbọ́n mu fún wọn láti ṣe bẹ́ẹ̀, torí wọ́n ń wá bí ọ̀rọ̀ ṣe rí lára ẹ̀jẹ̀ tí nǹkan kan kò ṣe. Ṣùgbọ́n ní àdúgbò tí èèyàn bí ẹyọ kan nínú mẹ́rin ti jẹ́ AS, ẹ rí i pé ọ̀pọ̀ wa ni wọn kò kà mọ́ nígbà tí wọ́n ń ṣe ìlànà yìí. Èmi kì í ka nọ́ńbà tó bá jáde sí òkodoro kí n tó mọ jẹnotáìpù ẹni tó ni ín.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ wọn ṣúgà nílé bó ṣe yẹ

Láti mọ ibi tí ẹ wà láàárín 123 sí 185 yẹn, ẹ nílò nọ́ńbà tí kò ti inú sẹ́ẹ̀lì pupa wá. Ẹ̀rọ ìwọn-ṣúgà nílé ni yóò fún yín.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kí èèyàn máa wọn ọ́n láàárọ̀ nìkan, kó tó jẹun. Nọ́ńbà àárọ̀ sábà máa ń kéré jù lọ lójúmọ́, bí ẹ bá fi òun nìkan wé 154, ẹ máa rò pé láàbù ló purọ́. Ohun tí mo ń sọ fún àwọn èèyàn ni kí wọ́n mú ọ̀sẹ̀ kan láàárín oṣù, kí wọ́n wọn ọ́n lẹ́ẹ̀mẹ́rin lójúmọ́: kí wọ́n tó jẹ oúnjẹ àárọ̀, wákàtí méjì lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀, kí wọ́n tó jẹ oúnjẹ alẹ́, àti kí wọ́n tó sùn. Mo mọ̀ pé sítíríìpù 28 kì í ṣe owó kékeré. Bí owó kò bá gbé e, ẹ pín àkókò mẹ́rin yẹn káàkiri ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta, kí àkókò kọ̀ọ̀kan ṣáà ní iye ìgbà tó dọ́gba. Ẹ jẹun bí ẹ ṣe ń jẹun tẹ́lẹ̀. Ẹni tó sá fún ẹ̀bà àti iyán ní ọ̀sẹ̀ tó ń wọn ṣúgà ń wọn ọ̀sẹ̀ yẹn nìkan, kì í ṣe oṣù mẹ́ta tí HbA1c ń sọ̀rọ̀ lé lórí.

Ẹ fọ ọwọ́ kí ẹ tó gún ìka. Omi ọsàn tàbí èérún àkàrà dídùn lórí ìka lè fi nọ́ńbà ńlá kún un.

Èyí ni ìpíndọ́gba àkókò kọ̀ọ̀kan fún ìyá aládìre ní ọ̀sẹ̀ kan: kó tó jẹun àárọ̀, 128, lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀, 172, kó tó jẹun alẹ́, 139, kó tó sùn, 165. Àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ 604, ìdá mẹ́rin rẹ̀ jẹ́ 151. Ìlànà ìṣirò ní 154. Ọ̀rọ̀ ìyá ti tán, HbA1c rẹ̀ ń sọ òótọ́ nípa rẹ̀.

Ti bàbá awakọ̀ rèé ní àwọn àkókò kan náà: 158, 226, 171, 209. Àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ 764, ìdá mẹ́rin rẹ̀ jẹ́ 191. Ó fi 37 ju 154 lọ, ó sì ti kọjá 185 pàápàá. Bí a bá yí ìlànà padà, kí a fi 46.7 kún 191, kí a pín in sí 28.7, a ó rí 8.3. Ìyẹn ni HbA1c tí ìlànà ń retí lára ẹni tí ìpíndọ́gba rẹ̀ jẹ́ 191. Láàbù sì kọ 7.0 fún un. Àlàfo tó wà láàárín wọn jẹ́ 1.3, kò sì kéré rárá, torí 8.3 lè mú kí dókítà yí oògùn padà, 7.0 kò sì ní mú kó ṣe nǹkan kan.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ yẹ ẹ̀rọ àti àkókò wò kí ẹ tó fẹ̀sùn kan ẹ̀jẹ̀

Ẹ̀rọ ìwọn-ṣúgà tó péye pàápàá ní àyè láti ṣìnà. Òfin tí wọ́n fi ń dán an wò gbà kó fi tó 15 nínú ọgọ́rùn-ún yàtọ̀ sí ti láàbù nígbà tí ṣúgà bá jẹ́ 100 `mg/dL` tàbí jù bẹ́ẹ̀. Bí ìṣìnà náà bá ń lọ sókè sódò, ìpíndọ́gba á pa á rẹ́. Bó bá jẹ́ òkè nìkan ló ń lọ, ìpíndọ́gba kò lè tún un ṣe. Nítorí náà, ẹ gbé ẹ̀rọ yín lọ sí láàbù lọ́jọ́ tí ẹ kò tíì jẹun, kí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ ní iṣan, kí ẹ̀yin náà gún ìka láàárín ìṣẹ́jú kan náà. Ó ṣe pàtàkì kí ẹ má tíì jẹun, torí lẹ́yìn oúnjẹ, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ìka máa ń ju ti iṣan lọ láìjẹ́ pé ẹ̀rọ ṣìnà. Ti bàbá jẹ́ 166 lójú ẹ̀rọ, 160 ní láàbù. Mẹ́fà ló fi yàtọ̀, ìyẹn bíi 4 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ̀rọ rẹ̀ kò lè dá 37 sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ àkókò náà wà níbẹ̀. HbA1c kì í ka oṣù mẹ́ta bákan náà. Bí ìdajì rẹ̀ ló ń ti inú oṣù tó kọjá láìpẹ́ wá, ìyókù ni oṣù méjì sí mẹ́ta tó ṣáájú pín. Bó bá jẹ́ pé ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn ni ṣúgà bàbá ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ sókè, bóyá nítorí àìsàn tàbí oògùn sitẹrọ́ìdì, HbA1c kò tíì ráyè lé e bá. Àmọ́ bàbá ní àkọsílẹ̀. Ó ti fi ọ̀sẹ̀ kan wọn ọ́n nínú oṣù kọ̀ọ̀kan fún oṣù mẹ́ta: 188, 194, àti 191 tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣírò. Kò sí èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gòkè nínú wọn.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ẹ wádìí sẹ́ẹ̀lì pupa

Ìsinsìnyí ni a lè wá wo bí aṣọ ṣe pẹ́ tó nínú aró. Ọjọ́ 120 tí gbogbo ènìyàn ń pè kì í ṣe bákan náà fún oníkálukú. Nígbà tí wọ́n wọn ọjọ́ orí sẹ́ẹ̀lì pupa àwọn èèyàn kan tí ẹ̀jẹ̀ wọn kò ní àbùkù tó hàn síta, ìpíndọ́gba ọjọ́ orí sẹ́ẹ̀lì wọn, tí a bá ka àgbà àti ọmọdé sẹ́ẹ̀lì pọ̀, bẹ̀rẹ̀ láti bí ọjọ́ 38 títí dé bí ọjọ́ 60. Bí ti ìyá bá jẹ́ bí ọjọ́ 50, tí ti bàbá sì jẹ́ bí ọjọ́ 40, ìyẹn nìkan ti tó láti mú kí 151 ti ìyá àti 191 ti bàbá jọ di 7.0: sẹ́ẹ̀lì bàbá rí ṣúgà tó pọ̀ jù, àmọ́ ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún àkókò ni wọ́n fi wà nínú rẹ̀. Ìṣirò yìí kì í ṣe èyí tó gún régé, ó kàn jẹ́ ká rí bí ìyàtọ̀ tí kò tó nǹkan nínú ẹ̀mí sẹ́ẹ̀lì ṣe lè gbé nọ́ńbà kiri.

Ohun àkọ́kọ́ tí mo máa bi bàbá ni jẹnotáìpù rẹ̀. "Bàbá, kí ni jẹnotáìpù yín?" "AS ni, wọ́n ti sọ fún mi nígbà tí mo fẹ́ gbéyàwó." Ó dáa tí wọ́n mọ̀ ọ́n, torí ohun tí ọ̀pọ̀ ń rántí fún ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó nìkan wúlò níbí pẹ̀lú. Ìwádìí kan tí wọ́n ṣe láàárín àwọn adúláwọ̀ Amẹ́ríkà, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2017, fi hàn pé HbA1c àwọn AS fi bíi 0.3 kéré sí ti àwọn tí kì í ṣe AS nígbà tí ṣúgà wọn bá jẹ́ ọ̀kan náà. Bí 9 `mg/dL` nìyẹn. Ó ṣàlàyé díẹ̀ nínú 37 bàbá, kò ṣàlàyé rẹ̀ tán.

Ẹni tó bá jẹ́ SS tàbí SC, ẹ má lo ìlànà ìṣirò fún un rárá. Hẹmoglóbíìnì A tí wọ́n ń wọn kò sí lára rẹ̀, àfi bó bá gba ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíì, sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ kì í sì í pẹ́ láyé. Nọ́ńbà yòówù tí ẹ̀rọ bá kọ síbẹ̀, kò ní ìtumọ̀. Mo dárúkọ SC nítorí pé C yìí kò ṣọ̀wọ́n láàárín àwa Yorùbá, àwọn kan tó jẹ́ SC sì dàgbà láìmọ̀, torí ó sábà máa ń rọrùn ju SS lọ.

Ohun kejì tí mo máa wá lára bàbá ni G6PD. Èròjà kan ni tó ń dáàbò bo sẹ́ẹ̀lì pupa kó má tètè bàjẹ́. Ọkùnrin ló máa ń ṣe jù láàárín wa, nítorí pé orí kromosómù X ló wà, ọkùnrin kò sì ní ju X ẹyọ kan lọ. Ẹni tí G6PD rẹ̀ kéré lè má mọ̀ títí ayé, àyàfi bí ìtọ̀ rẹ̀ bá dú bíi kóòkì lẹ́yìn oògùn ibà kan tàbí oògùn onímí-ọjọ́ bíi sẹ́pítírìn. Ní 2017 kan náà, ìwádìí ńlá mìíràn fi hàn pé ọkùnrin adúláwọ̀ tó ní irú G6PD tó wọ́pọ̀ ní Áfíríkà máa ń ní HbA1c tó fi bíi 0.8 kéré sí bó ṣe yẹ kó rí. Ìyẹn jẹ́ bí 23 `mg/dL`. A ṣe àyẹ̀wò G6PD fún bàbá, ó kéré lóòótọ́. A ò lè to 0.3 àti 0.8 lórí ara wọn bí ẹni ka owó, ṣùgbọ́n àwọn méjèèjì ń fa nọ́ńbà sísàlẹ̀, àlàfo 1.3 sì wá di ohun tó yé wa.

Ẹ ṣọ́ra fún ìgbà tí ẹ ń ṣe àyẹ̀wò yìí. Bí èèyàn bá ṣẹ̀ṣẹ̀ pàdánù sẹ́ẹ̀lì púpọ̀, àwọn sẹ́ẹ̀lì tuntun tó rọ́pò wọn ní G6PD tó pọ̀ díẹ̀, àyẹ̀wò lè jáde bí ẹni pé kò sí ìṣòro. Ẹ dúró tó oṣù mẹ́ta lẹ́yìn irú àìsàn bẹ́ẹ̀. Ẹ má sì jẹ́ kí PCV tó dára, ìyẹn ìdá ẹ̀jẹ̀ tó jẹ́ sẹ́ẹ̀lì pupa, tàn yín jẹ. Ti bàbá jẹ́ 41, kò sí àìtó ẹ̀jẹ̀ lára rẹ̀. Bí sẹ́ẹ̀lì ṣe ń tètè kú ni mùdùnmúdùn inú egungun ń yára ṣe òmíràn, PCV kò sì ní lọ sílẹ̀. Kíka àwọn sẹ́ẹ̀lì pupa tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, tí ìwé láàbù ń pè ní `Retic count`, ló lè fi ìyára yẹn hàn.

Àwọn nǹkan míì tó ń fa HbA1c sísàlẹ̀ láìjẹ́ pé ṣúgà dínkù ni gbígba ẹ̀jẹ̀ sára láàárín oṣù mẹ́ta, ẹ̀jẹ̀ tó ṣàn púpọ̀, ibà tó ba sẹ́ẹ̀lì jẹ́, oyún, àti abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń gún fún aláìsàn kíndìnrín kí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè gbé pẹ́ẹ́lí.

Nígbà tí àlàfo bá dojú kọ òkè

Kì í ṣe ìsàlẹ̀ nìkan ni nọ́ńbà ń sá lọ. Obìnrin kan tí nǹkan oṣù rẹ̀ ń wá púpọ̀ nítorí ìju lè ní àìtó ẹ̀jẹ̀ látàrí àìtó èròjà irin. Ẹ jẹ́ ká sọ pé PCV rẹ̀ jẹ́ 28, HbA1c rẹ̀ jẹ́ 7.4. Ìlànà ìṣirò máa fún un ní 166. Nílé, ìpíndọ́gba rẹ̀ jẹ́ 138. Nígbà tí irin kò bá tó, sẹ́ẹ̀lì tuntun kì í jáde bó ṣe yẹ, àwọn àgbà sẹ́ẹ̀lì tó ti kó ṣúgà jọ ló pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, HbA1c á sì ga ju òótọ́ lọ.

Ibí yìí ló ń bà mí lẹ́rù jù. Bí wọ́n bá wo 7.4 nìkan, tí wọ́n fi kún Dáónìl, oògùn àtọ̀gbẹ rẹ̀, ṣúgà rẹ̀ lè já wálẹ̀ sí abẹ́ 70 lọ́sàn-án gangan ní Ọjà Ọba: ara á máa gbọ̀n, òógùn á bo ó, ojú á máa ṣú u. Àìtó irin ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ tọ́jú. Bí oògùn irin bá ti ṣiṣẹ́ fún oṣù mélòó kan, HbA1c lè wálẹ̀ láìjẹ́ pé oúnjẹ tàbí oògùn àtọ̀gbẹ rẹ̀ yí padà.

Mo gbọ́dọ̀ fi èyí kún un ní ṣókí: bí ìpíndọ́gba bá péye pàápàá, kò sọ gbogbo ọ̀rọ̀. Ẹni tí ṣúgà rẹ̀ ń rìn láàárín 110 sí 200, àti ẹni tó ń já sí 55 lóru tó sì ń gòkè dé 290 lọ́sàn-án, lè jọ ní ìpíndọ́gba 154 pẹ̀lú sẹ́ẹ̀lì pupa tí kò ní àbùkù. Ẹ wo nọ́ńbà tó kéré jù àti èyí tó ga jù nínú ìwé yín, kì í ṣe ìpíndọ́gba nìkan.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ohun tí ẹ máa gbé lọ bá dókítà

Ẹ má ṣe dá oògùn kún tàbí dín in kù fúnra yín nítorí ìṣirò yìí. Ẹ gbé ìwé àkọsílẹ̀ yín lọ, kí ẹ kọ ohun mẹ́rin sójú ewé kan: HbA1c, ìpíndọ́gba tí ìlànà ìṣirò fún yín, ìpíndọ́gba tilé, àti jẹnotáìpù yín. Ti bàbá kà báyìí: 7.0, 154, 191, AS, pẹ̀lú ìlà kan sí i: G6PD kéré. Ìlà ìkẹyìn yẹn tún wúlò fún oníṣègùn tó máa kọ oògùn ibà fún un lọ́jọ́ iwájú.

Dókítà lè ní kí wọ́n ṣe àyẹ̀wò fúrọ́kítósàmáìnì. Ṣúgà tó lẹ̀ mọ́ púrótéènì inú omi ẹ̀jẹ̀ ni òun ń wọn, kò sì kan sẹ́ẹ̀lì pupa rárá. Ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta ló ń sọ̀rọ̀ lé lórí. Kì í ṣe gbogbo láàbù ló ń ṣe é, ẹ béèrè kí ẹ tó wọkọ̀. Àléébù tirẹ̀ ni pé bí púrótéènì bá ń bá ìtọ̀ jáde nítorí àìsàn kíndìnrín, nọ́ńbà rẹ̀ á kéré ju òótọ́ lọ.

Bàbá kò ní láti pa HbA1c tì. Níwọ̀n ìgbà tí sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ kò bá yí ìwà padà, àlàfo rẹ̀ máa ń dúró síbi tó wà dé àyè kan, nítorí náà bí HbA1c rẹ̀ bá wálẹ̀, ṣúgà rẹ̀ wálẹ̀ lóòótọ́. Ká ní lẹ́yìn oṣù mẹ́ta tí dókítà ti tún oògùn rẹ̀ tò, ìwé tuntun kọ 6.6. Ìlànà ìṣirò máa fún un ní 143. Bó bá fi 37 tirẹ̀ kún un, ó ń retí bíi 180 nínú ìwé rẹ̀ nílé. Bó bá rí 178 níbẹ̀, àlàfo náà ṣì wà bó ṣe wà, oògùn náà sì ń ṣiṣẹ́. Bó bá rí 195, tí HbA1c wálẹ̀ tí ṣúgà ilé kò wálẹ̀, sẹ́ẹ̀lì ló yí padà, kí wọ́n padà sí ìgbésẹ̀ karùn-ún, kí wọ́n béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bóyá ibà tàbí oògùn kan ti kọjá lára rẹ̀ láàárín oṣù mẹ́ta náà.